Ẹ̀rọ gé àbájáde kúrò nínú àṣamọ̀ mi: báwo ni mo ṣe máa gé e dé 120 fúnra mi?

Àjọkẹ́_Wàásó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fi àṣamọ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi, ìyẹn àkékúrú rẹ̀, ránṣẹ́ sí àpérò kan tó gbà wá láyè láti kọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ 120 lọ. Tèmi jẹ́ 219. Mo rò pé tó bá gùn jù, wọn á dá a padà fún mi ni. Kò sẹ́ni tó dá a padà. Ojú òpó wọn gbà á wọlé, mo sì lọ sùn. Àárọ̀ àná tí mo ṣí i wò, ẹ̀rọ ti gé e síbi tí 120 pé sí. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tó kù níbẹ̀ ni "A fi ẹ̀rọ". Ó parí síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi oṣù mélòó kan wá wà lẹ́yìn "A fi ẹ̀rọ" yẹn, kò sì sẹ́ni tó máa rí i.

Wọ́n gbà wá láyè láti pààrọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Mo ti ń yọ ọ̀rọ̀ kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, láti ara gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo dé 174, ibẹ̀ ni mo há sí. Òun rèé bí mo ṣe kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, wọn kì í ṣe ti gidi, kí n má baà tú iṣẹ́ síta kí àpérò tó dé:

> Èlùbọ́ jẹ́ ọ̀kan lára oúnjẹ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ láàárín àwọn Yorùbá, pàápàá ní agbègbè Òkè-Ògùn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ayébáyé ni àwọn ìyá wa ti ń sá gbodo sí orí àpáta àti sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ lórí eruku àti ìdọ̀tí tí ó ń bà lé gbodo bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbodo tí a sá sí orí títì ọlọ́dà àti gbodo tí a sá sí orí àtẹ tí a gbé sókè. Àwọn aṣèlùbọ́ méjìdínlógún ní abúlé mẹ́ta ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ni ó kópa nínú iṣẹ́ náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pín gbodo rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ó sì sá ìdajì sí ibì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta. A fi ẹ̀rọ wọn omi tí ó kù nínú gbodo náà, a sì wọn iyanrìn tí ó wà nínú èlùbọ́ lẹ́yìn tí a lọ̀ ọ́ tán. Àbájáde iṣẹ́ yìí fi hàn gbangba pé ìyàtọ̀ wà. Iyanrìn tí ó wà nínú èlùbọ́ orí títì jẹ́ gíráàmù 4.0 nínú kílò kan, ti orí àtẹ sì jẹ́ gíráàmù 1.0. Ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ tí ó ṣe é tọ́ka sí nínú omi tí ó kù: ti títì jẹ́ ìdá 11.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àtẹ sì jẹ́ ìdá 12.1. Iṣẹ́ yìí wá dábàá pé kí ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ aṣèlùbọ́ ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti ní àtẹ.

Ọmọ_Ṣọ̀ún

Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi kò mọ̀ pé wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ inú àṣamọ̀. Nígbà tí mo ń kọ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ tèmi, ojú ewé kan ni wọ́n ní kó gbà. Mo dín ìlà tó wà láàárín gbólóhùn kù, mo sọ lẹ́tà di kékeré, ó sì wọlé. Ṣé ẹ ti gbìyànjú ìyẹn?

Àjọkẹ́_Wàásó

Àbúrò mi, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ojú ewé. Bí mo tilẹ̀ sọ lẹ́tà di bí orí abẹ́rẹ́, 219 náà ni.

Dọ́tun_Tákíẹ̀

Ohun tó rọrùn jù nìyí: ẹ so ọ̀rọ̀ pọ̀ bí a ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu. "Tí ó" di "tó". Mo kà á nínú tiyín, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló wà níbẹ̀. "Ni ó" di "ló", ẹ̀ẹ̀mejì. "Sí orí" di "sórí", ẹ̀ẹ̀mẹta. "Ṣe àgbéyẹ̀wò" di "ṣàgbéyẹ̀wò". Ọ̀rọ̀ 14 ti lọ láìfọwọ́ kan ìtumọ̀. Ó ku 205.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbólóhùn iyanrìn yẹn, ó gùn jù. Ẹ kọ "Àtẹ dín iyanrìn kù ní 75%", ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Èyí tó ní kò sí ìyàtọ̀ nínú omi, ẹ yọ ọ́ pátápátá. Ta ló ń lọ sí àpérò láti lọ sọ pé òun kò rí nǹkan? Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ.

Àjọkẹ́_Wàásó

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín lórí "tó" àti "ló" wọ̀ mí létí. Mo ti ṣe é. Ti omi yẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó dà bíi pé ó ń ba àbájáde mi jẹ́, èmi náà sì ń rò ó láti yọ ọ́.

Bàbá_Olóòtú

Àjọkẹ́, má tíì yọ ọ́. Fi í sílẹ̀ ná, kí o jẹ́ ká jọ wò ó.

Mo ti tún àṣamọ̀ àwọn ènìyàn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Ọ̀yọ́ àti níbí, irú èyí ló sì máa ń wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó kọ ọ́ á mú abẹ, á máa bó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ibi tí ó wúlò àti ibi tí kò wúlò, iye kan náà ló ń bó lára wọn. Ìdí nìyẹn tí o fi há sí 174. Kò sí gbólóhùn kan tí o jẹ́ kó kú, gbogbo wọn lo sọ di arọ.

Ìwọ Dọ́tun, òótọ́ ni ti "tó" àti "ló". Yorùbá tó dán mọ́rán ni, mo sì máa ń gbà á, àfi níbi tí ìlànà olóòtú bá ti ní kí a kọ ọ́ ní kíkún. Ṣùgbọ́n wo ìṣirò rẹ dáadáa. Yọ 14, yọ ti omi, sọ ti iyanrìn di ọ̀rọ̀ mẹ́fà, 165 ló ṣẹ́kù. O ti yọ àbájáde kan, o ti gé èkejì kù, síbẹ̀ o ṣì fi 45 lé sí i. Ìtàn ìyá wa àti àpáta ṣì jókòó sí òkè, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Bí mo ṣe máa ṣe é nìyí, Àjọkẹ́. Mú bébà mìíràn. Má ṣe àdàkọ ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Gbólóhùn tí ìwọ nìkan lè kọ nínú ayé ni kí o kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, ìyẹn èyí tí ẹlòmíràn kò lè kọ láìṣe iṣẹ́ tí o ṣe. Méjì péré ni wọ́n: ti iyanrìn àti ti omi. Méjèèjì jẹ́ 49 nínú èyí tí o fi ránṣẹ́. Fún wọn ní àyè wọn tán pátá kí o tó fún ohunkóhun mìíràn.

Wàyí o, wo ìyókù. Gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ 53. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti inú iṣẹ́ rẹ wá. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ àmàlà rí ló lè kọ wọ́n. "Àbájáde iṣẹ́ yìí fi hàn gbangba pé ìyàtọ̀ wà" jẹ́ mẹ́sàn-án, ó ń kéde pé nǹkan ń bọ̀, nǹkan náà sì ń bọ̀ lóòótọ́ ní gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, nítorí náà kí ló ń kéde sí? Ẹ̀rọ tí ẹ fi wọn omi, 26: nígbà tí o bá ti sọ gíráàmù iyanrìn àti iye omi, òǹkàwé ti mọ̀ pé ẹ wọ̀n wọ́n. Bí ẹ ṣe wọ̀n wọ́n, inú iṣẹ́ gan-an ni yóò ti kà á. Ti ìjọba tó gbẹ̀yìn, 18: àmọ̀ràn ni, kì í ṣe ohun tí o rí.

Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 106. Mú un kúrò nínú 219, ó ku 113. O ti wọlé, o kò sì tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà kan.

Ṣùgbọ́n má fi 113 yẹn ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ lójijì, òǹkàwé kò ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń wọn iyanrìn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló nílò lókè, èyí tó sọ ohun tí kò dára. Ìwọ yóò rí àyè rẹ̀ nínú gbólóhùn kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. "Gbodo tí a sá sí orí" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, "ni ó kópa nínú iṣẹ́ náà" kò sì sọ ohunkóhun.

Dọ́tun_Tákíẹ̀

Bàbá, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú 75%? Òótọ́ ni, 4.0 sí 1.0 jẹ́ 75%.

Bàbá_Olóòtú

Òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ 0.4 sí 0.1 ńkọ́? 75% náà ni. Àkọ́kọ́, eyín rẹ á mọ̀ ọ́n nígbà tí o bá ń jẹ àmàlà. Èkejì, bóyá ni wàá mọ̀ pé iyanrìn wà níbẹ̀. Nígbà tí o bá kọ 75% nìkan, o ti fún mi ní bí ó ṣe dínkù, o kò sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ fún mi. Bí o bá fún mi ní 4.0 àti 1.0, èmi fúnra mi lè ṣe ìṣirò 75%. Bí o bá fún mi ní 75%, n kò lè rí 4.0 láéláé. Nítorí náà, tí àyè bá há, nọ́ńbà méjèèjì ni kí o fi sílẹ̀, kí o sì gé ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká: "Iyanrìn inú èlùbọ́ títì jẹ́ gíráàmù 4.0 nínú kílò kan, ti àtẹ jẹ́ 1.0." Ọ̀rọ̀ 14 ni. 21 ni tẹ́lẹ̀.

Àjọkẹ́, ti omi. O ní ó ń ba àbájáde rẹ jẹ́. Ẹni tó bá ka ti iyanrìn nìkan, tó rí i pé àtẹ dára, kí ni yóò rò nípa gbígbẹ? Yóò rò pé ó ń tètè gbẹ pẹ̀lú, torí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nìyẹn. O ti wọ̀n ọ́n, o kò rí i bẹ́ẹ̀. Tí o bá yọ ọ́, o ò purọ́ o, ṣùgbọ́n o ti jẹ́ kí òǹkàwé gba ohun tí iṣẹ́ rẹ kò sọ gbọ́. Ìdajì ohun tí o wá nìyẹn. Dín in kù sí 15: "Omi tó kù nínú gbodo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: 11.8% lórí títì, 12.1% lórí àtẹ."

Bọ́lá_Láàbù

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Gígé tí ẹ̀rọ gé ti Àjọkẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ẹni tó bá ń wo àkọsílẹ̀ àtijọ́ nínú MEDLINE, àkójọ àṣamọ̀ iṣẹ́ ìṣègùn, á rí i ní ìparí àṣamọ̀ míì: `(ABSTRACT TRUNCATED AT 250 WORDS)`. Ibi tí 250 bá ti pé ni wọ́n gé e sí, tí àbájáde bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un: lẹ́yìn gígé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ gan-an, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ní 1999 wọ́n yẹ àṣamọ̀ inú ìwé ìròyìn ìṣègùn ńlá mẹ́fà wò. Èyí tó ní nọ́ńbà tí kò bá ti inú iṣẹ́ mu, tàbí tí kò tilẹ̀ sí nínú iṣẹ́ rárá, bẹ̀rẹ̀ láti 18% nínú ìwé ìròyìn kan títí dé 68% nínú òmíràn. Ìgbà tí a bá ń sáré gé nǹkan ni irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. A yọ gbólóhùn kan, nọ́ńbà tó yẹ kó bá a lọ á wá lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Mo sì fẹ́ kí p, nọ́ńbà tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ lè jẹ́ èèṣì lásán, wà níbẹ̀. Ẹ kọ "p<0.05" láìsí àlàfo, ọ̀rọ̀ kan ló jẹ́. Tí ẹ bá fi àlàfo sí i, mẹ́ta ni.

Bàbá_Olóòtú

Bọ́lá, n kò bá ọ jiyàn lórí yíyẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó yẹ ni. Ti p yẹn ni n kò fara mọ́. Kò sọ bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó. 4.0 àti 1.0 ti sọ ọ́. Tí àyè bá ṣẹ́kù, iye tí ìyàtọ̀ náà lè kéré tó àti iye tí ó lè pọ̀ tó ni kó kọ.

Bọ́lá_Láàbù

Ìyẹn á gba ju ọ̀rọ̀ kan lọ, Bàbá. Ẹni tó ń yan iṣẹ́ fún àpérò á sì wá p.

Àjọkẹ́_Wàásó

Mo ti jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́. Mo mú bébà tuntun bí Bàbá ṣe wí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi iyanrìn. Ó yà mí lẹ́nu bí ìyókù ṣe rọrùn. Mo dé 108. Àmọ́ ibi méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Dípò "títì ọlọ́dà" mo kọ "ilẹ̀", torí ó dín ọ̀rọ̀ kan kù ní ibi gbogbo. Ìparí rẹ̀ sì ni: "Àtẹ mú kí èlùbọ́ mọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò mú kí gbodo tètè gbẹ."

Ìyá_Ìbejì_Arada

Ẹ jọ̀wọ́ o, èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, èlùbọ́ ni mò ń tà ní Arada, ọmọ mi ló ka èyí fún mi. Ìyá mi ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí.

"Ilẹ̀" tí ẹ kọ yẹn kò dára, ọmọ mi. Orí àpáta ni èmi ń sá gbodo sí. A máa ń fi omi fọ àpáta náà, a ó gbá a, kò sí ọkọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀. Àwọn tó ń sá a sí títì, bí ọkọ̀ àgbéró bá ti kọjá, eruku dé nìyẹn, táyà á sì tún fọ́n òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Tí ẹ bá wá kọ pé èlùbọ́ ilẹ̀ ní iyanrìn báyìí-báyìí, ẹ ti kó èmi náà mọ́ ọn. Ẹ kò sì wọn tèmi. Títì ni ẹ wọ̀n, ẹ jẹ́ kó jẹ́ títì.

Ìgbà wo ni ẹ tilẹ̀ ṣe é? Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, kò sí ibi tí èèyàn sá gbodo sí tí kò ní gbẹ ní ọjọ́ mẹ́ta, ì báà jẹ́ orí àtẹ, ì báà jẹ́ orí òrùlé. Ìgbà òjò ni kí ẹ wá wò ó. Ìgbà òjò ni gbodo ń bu mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Àjọkẹ́_Wàásó

Màámi, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìgbà ọyẹ́ ni a ṣe é. Ó wà nínú iṣẹ́, n kò ronú pé ó yẹ kó wà nínú àṣamọ̀. Mo rí i báyìí pé gbólóhùn omi yẹn kò dúró láìsí ọyẹ́.

Bàbá_Olóòtú

Ìyá Ìbejì ti rí ohun tí èmi kò rí. Ọ̀rọ̀ tí a fi pe ohun tí a wọ̀n kò ṣe é fi ṣe ẹ̀dínwó. "Títì" àti "ilẹ̀", ọ̀kan ni wọ́n nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ayé méjì ni wọ́n. Bí "ọlọ́dà" bá pọ̀ jù, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lókè, kí o wá máa pè é ní "títì" nìkan lẹ́yìn náà. Kí o sì fi "nígbà ọyẹ́" sí i. Ọ̀rọ̀ méjì ni.

Ti ìparí rẹ: ọjọ́ wo lo wọn omi? Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nìkan. Nítorí náà o kò mọ èyí tó tètè gbẹ. Ó lè jẹ́ pé ti àtẹ ti gbẹ ní ọjọ́ kejì, tí ti títì wá bá a ní ọjọ́ kẹta. Ohun tí o mọ̀ ni pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé. Èyí tí o fi ránṣẹ́ ní 219 kò sọ pé kò tètè gbẹ. Ìgbà tí o ń gé e ni àṣìṣe náà wọlé, torí gbólóhùn kúkúrú máa ń fẹ́ sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ka ìparí rẹ lẹ́yìn gígé bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Kúnlé_Àdénìkẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Àǹtí Àjọkẹ́, kí ni nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àpótí ìkọ̀wé lójú òpó wọn ń sọ fún yín?

Àjọkẹ́_Wàásó

Ìyẹn náà ń dààmú mi. Word ní 108, ojú òpó wọn ní ó ju 120 lọ, ó sì pọ́n wẹ̀ẹ́. Mo rò pé Word ló ń ṣì í kà.

Kúnlé_Àdénìkẹ́

Word kò ṣì í kà. Ojú òpó yẹn ni kò mọ àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ máa ń lo `\w+` láti ka ọ̀rọ̀. Nínú JavaScript, lẹ́tà tí kò ní àmì, nọ́ńbà àti `_` nìkan ni `\w` mọ̀. Bó bá ti pàdé ọ́ tàbí ṣ, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ẹ tẹ èyí sínú Console ẹ̀rọ aṣàwákiri yín:

```
"Ògbómọ̀ṣọ́".match(/\w+/g).length
```

Orúkọ ìlú kan ṣoṣo yìí á di 2. Tó bá jẹ́ pé irú pátákó ìtẹ̀wé tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ń tú àmì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà, á di 5. Èyí tó ń kà á bó ṣe yẹ nìyí, àlàfo ni ó ń wò:

```
text.trim().split(/\s+/).length
```

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì ohùn o. Ẹ wo ibi tí wọ́n gé tiyín àkọ́kọ́ sí. Mo kà á pẹ̀lú àlàfo, láti "Èlùbọ́" dé "A fi ẹ̀rọ". 120 géérégé ni. Ìyẹn ni pé ohun tó ń gé e lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ ń kà á dáadáa. Èyí tó ń pọ́n lójú nìkan ló ń ṣì í kà. Tí kò bá dí bọ́tìnì ìfiránṣẹ́ mọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣí lẹ́yìn náà láti wo gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Dọ́tun_Tákíẹ̀

A kò ṣe kúkú fi àmì ìdè so àwọn ọ̀rọ̀ pọ̀? "Iyanrìn-inú-èlùbọ́" á di ọ̀kan.

Bàbá_Olóòtú

Rárá o, Dọ́tun. Ẹ̀rọ á gbà á, ẹni tó ń kà á kò ní gbà á. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, á sì mọ̀ pé ẹ ń sá fún ìṣirò.

Àjọkẹ́_Wàásó

Òun rèé báyìí, 112 pẹ̀lú àlàfo. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àfidípò:

> Títì ọlọ́dà ni ọ̀pọ̀ aṣèlùbọ́ ń sá gbodo sí, iyanrìn sì ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ yìí wo bóyá àtẹ tí a gbé sókè yóò dín iyanrìn náà kù, àti bóyá gbodo yóò gbẹ lórí rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ lórí títì. Aṣèlùbọ́ 18 ní abúlé mẹ́ta ní Oríire pín gbodo wọn sí méjì, wọ́n sì sá ìdajì sí títì, ìdajì sí àtẹ, fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà ọyẹ́. Iyanrìn inú èlùbọ́ títì jẹ́ gíráàmù 4.0 nínú kílò kan, ti àtẹ jẹ́ 1.0. Omi tó kù nínú gbodo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: 11.8% lórí títì, 12.1% lórí àtẹ. Àtẹ dín iyanrìn kù; lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kò hàn pé ó mú gbígbẹ yàtọ̀.

Mo fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí Àǹtí Bọ́lá ṣe ní kí n ṣe, pẹ̀lú èyí tó jẹ́ ti gidi. Mo rí ọ̀kan. Nínú iṣẹ́, ẹni 18 ló bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò òjijì ba ti ẹnì kan jẹ́, 17 ni a fi ṣe ìṣirò iyanrìn àti omi. Láti ìgbà 219 ni mo ti ń kọ 18.

Bọ́lá_Láàbù

Kọ 17, Àjọkẹ́. Iye tí nọ́ńbà àbájáde ti jáde wá ni kó wà níbẹ̀. Ẹni kan tó kù, inú iṣẹ́ ni wàá ti ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ló ṣì ṣẹ́kù fún ọ, p mi á wọ ibẹ̀ dáadáa.

Bàbá_Olóòtú

Èmi ì bá fi mẹ́jọ yẹn sọ bí ìyàtọ̀ iyanrìn ṣe gbòòrò tó. Ìwọ lo ni iṣẹ́, Àjọkẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Arada

Ẹ fi sọ pé ẹ ó tún un ṣe ní ìgbà òjò.

Àjọkẹ́_Wàásó

Mo ti yí i sí 17, mo sì ti fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, àwọ̀ pupa náà kò dí mi lọ́wọ́. Mo jáde, mo tún wọlé. Ó parí sí "mú gbígbẹ yàtọ̀". N kò tíì fi nǹkan kan sí àyè mẹ́jọ náà. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò bóyá àkọlé wà lára 120, torí ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ni tèmi, wọn kò sì tíì fèsì. Tí ó bá wà lára rẹ̀, mẹ́ta péré ni mo gbọ́dọ̀ wá gé, "tí a gbé sókè" sì wà níbẹ̀ tí mo lè wò.